Wọ́n fi ọ́síjìn sí bàbá nímú, òǹkà ò gòkè: ṣé ayédèrú ni sílíńdà náà ni?

Láti bí ọ̀sẹ̀ kan báyìí ni ohùn obìnrin kan ti ń kúrò lórí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Mushin, Súrùlérè àti Yábàá. Tẹkún-tẹkún ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wúkọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ibà sì gbé e dè. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n há mọ́ ọn níka kọ 85. Nọ́ọ̀sì fi ìbòmú ọ́síjìn bò ó nímú àti lẹ́nu. Lẹ́yìn wákàtí kan, 87 ni. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi wò ó! Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n rọ sínú sílíńdà yẹn. Ẹ̀tàn ni!" Kò dárúkọ ilé ìwòsàn kankan.

Ohùn kejì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì. Ó ní nọ́ọ̀sì mìíràn wọlé lálẹ́, kò fi kún ọ́síjìn, kò yí sílíńdà padà, ó kàn yí bàbá dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ òsì, òǹkà sì gun orí 91. Ìyẹn gan-an ló wá dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà.

Kí làwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí?

Àwọn kan ní òótọ́ ni obìnrin náà sọ, kò sí ọ́síjìn nínú sílíńdà. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ìka ló ń purọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn láàárín wọn ní kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀, pé àyà bàbá ló ní ìṣòro tí ọ́síjìn nìkan ò lè yanjú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Sílíńdà lè tán lóòótọ́, pàápàá nígbà tí èrò bá pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí kòrónà tún gbéra, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sọ pé sílíńdà tí wọ́n ń lò lójúmọ́ nílé ìwòsàn ìjọba ní Yábàá ti fò láti 70 dé 350. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ sílíńdà wò. Géèjì orí rẹ̀ ní ọwọ́ tó ń tọ́ka sí bí ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèjì ni ọ̀pá kan wà tó mọ́ gaara, tí bọ́ọ̀lù kékeré kan ń léfòó nínú rẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù náà bá dúró sí ni iye líta tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí omi bá wà nínú ike tí ọ́síjìn ń gbà kọjá, omi náà yóò máa hó pútú-pútú. Bí bọ́ọ̀lù bá léfòó tí omi sì ń hó, nǹkan ń jáde. Bí ọ́síjìn tòótọ́ bá sì ni, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ká ti wá ọ̀ràn náà lọ.

Ẹ̀rọ ìka náà lè ṣìnà. Kútẹ̀sì dúdú lórí èékánná, ọwọ́ tó tutù nini, tàbí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè mú kó ka òǹkà tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, ìhà kejì ló yẹ ká máa fiyè sí jù: ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ń sọ pé ara le nígbà tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá kọ 85 lára ọkùnrin tí ìka rẹ̀ mọ́, tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé òótọ́ kéré sí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkẹta ló kù, òun ló sì gba àlàyé jù.

Kí ni 85 yẹn ń kà gan-an?

Lórí ẹ̀rọ náà, wọ́n kọ SpO2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà. Ohun tó ń kà kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó wà láyà. Ìjókòó ló ń kà.

Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní himoglóbìn, òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Himoglóbìn kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó mẹ́rin péré. Ẹ rò ó bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ìgbà tí a ṣì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà: mẹ́ta lẹ́yìn, ẹnì kan níwájú, ó tán. Bó o fẹ́, kí ẹgbẹ̀rún èrò tò sí Ojúẹlẹ́gbà, kẹ̀kẹ́ kan ò ní gbé ju mẹ́rin lọ. Òǹkà 85 túmọ̀ sí pé, nínú 100 ìjókòó tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lọ sí ara, èrò wà lórí 85. Ní ara tó dá pé, 97 tàbí 98 ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti inú ara kì í ṣófo. Nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́jẹ́, ẹnì kan péré ni kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ń já sílẹ̀, mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ẹ̀dọ̀fóró, 75 nínú 100 ìjókòó rẹ̀ ló ṣì ní èrò. Ẹ fi 75 yìí sọ́kàn, nítorí òun la máa fi ṣe ìṣirò.

Níbo ni afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ti ń pàdé?

Inú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín wà, wọ́n lé ní 300 mílíọ̀nù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ ló lọ́ mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ń ti imú wọ inú àpò, ẹ̀jẹ̀ ń ti ọkàn wọ inú iṣan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ ò lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan níbẹ̀ tó fi ń kún, tó sì ń lọ.

Fún ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, bíi líta mẹ́rin afẹ́fẹ́ ló ń dé àwọn àpò wọ̀nyí ní ìṣẹ́jú kan, líta márùn-ún ẹ̀jẹ̀ sì ń kọjá lára wọn. Ẹ pín 4 sí 5, 0.8 ni. Òun ni àwọn dókítà ń kọ ní V/Q: V ni afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, Q ni ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá.

Òǹkà gbogbogbò yẹn lè dára síbẹ̀ kí àìsàn wà. Bí gbogbo afẹ́fẹ́ bá ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ sí ti òsì, 4 ṣì ni 4, 5 ṣì ni 5, ẹni náà yóò sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iye tó wọlé àti iye tó kọjá ò tó, àfi kí àwọn méjèèjì pàdé lójú kan náà. Bí wọn ò bá pàdé dáadáa ni àwọn oníṣègùn ń sọ pé V/Q ò bára mu, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa kí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró méjì ni èèyàn ní. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kí ló dé tí èkejì ò lè fi kún tirẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá náà wà. Ibà, ikọ́, àti yíyí tí wọ́n yí i sí òsì tí nǹkan fi sàn, gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí òtútù àyà tó mú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Nínú àìsàn yìí, omi àti ikun a máa kún inú àwọn àpò afẹ́fẹ́, bí omi òjò ṣe ń bo páàkì mọ́lẹ̀. Èrò ò lè dúró níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì náà ò dí, kẹ̀kẹ́ ṣì ń kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà bó ṣe rọrùn jù, ká ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ ń gba páàkì tó gbẹ, ìdajì ń gba èyí tí omi bò. Àwọn tó gba páàkì tó gbẹ jáde pẹ̀lú 98. Àwọn tó gba ti olómi ò rí èrò kankan gbé, 75 tí wọ́n gbé wọlé ni wọ́n gbé jáde. Méjèèjì pàdé lọ́nà, wọ́n dà pọ̀. 98 àti 75, pín in sí méjì: 86 àti ààbọ̀. Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tí ẹ̀rọ kà.

Wàyí o, ẹ gbé ìbòmú ọ́síjìn wọ̀ ọ́. Páàkì tó gbẹ kún fún èrò fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n 98 ni àwọn kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ ti ń gbé tẹ́lẹ̀, ìjókòó méjì péré ló ṣófo nínú 100. Wọ́n gbé 100, ó parí. Páàkì olómi ò mọ̀ pé ọ́síjìn dé rárá, nítorí omi ti dí ẹnu ọ̀nà. 75 ni wọ́n ṣì ń gbé. 100 àti 75, pín in sí méjì: 87 àti ààbọ̀.

Ọ́síjìn tòótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kàn dé ibi tí wọn ò ti nílò rẹ̀ ni.

Lóòótọ́, ọ́síjìn díẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjókòó, bí ẹni tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, bí ìbòmú náà bá sì lágbára, ìyẹn lè fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un. Ìṣirò mi náà rọrùn ju bí ara ṣe rí lọ: ẹ̀jẹ̀ tó jáde pẹ̀lú 86 kò lè padà wá pẹ̀lú 75, yóò kéré sí i, ìyípo tó tẹ̀ lé e yóò sì burú ju ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kọjá láìrí afẹ́fẹ́ rárá kì í dúró lórí 86 fún ìgbà pípẹ́.

Fífẹ́ tí bàbá ń fẹ́ èémí kíákíá ò lè gbà á, fún ìdí kan náà. Mímí kíákíá ń kó èrò kún páàkì tó gbẹ, kì í sì í dá ìjókòó karùn-ún sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Kí ló wá dé tí ọ́síjìn fi ń gba ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀?

Nítorí àpò afẹ́fẹ́ tó dí pátápátá yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kàn há. Ẹni tí ikọ́ ásímà mú, ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì ń yọ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bíi 21 nínú 100 rẹ̀ ni ọ́síjìn. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀ ló ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lè jáde pẹ̀lú bíi 85. Ẹ fi ìbòmú sọ 21 yẹn di 50: díẹ̀ náà ló ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ìjókòó yóò kún. Òǹkà yóò gbéra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀nà tí oníṣègùn fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyẹn. Yóò fún ni ní ọ́síjìn, yóò sì wo ẹ̀rọ. Bó bá gbéra, ọ̀nà há. Bó bá dúró gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń kọjá láìfojú kan afẹ́fẹ́ rárá. Dídúró tí 87 bàbá dúró, tí ọmọ rẹ̀ rí bí ẹ̀rí ẹ̀tàn, òun ni dókítà ń rí bí èsì àyẹ̀wò.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: kí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé síbi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣòfò, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì dà padà a lọ ya bo ìyókù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò ní tó wọn.

Ṣé ara ò ní ọgbọ́n tirẹ̀ ni?

Ó ní in, ọgbọ́n ńlá sì ni. Ní ọdún 1946, onímọ̀ méjì ní Súwídìn, Ulf von Euler àti Göran Liljestrand, jẹ́ kí ológbò mí afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré, wọ́n sì rí i pé ìfúnpá gòkè nínú iṣan tó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan ń fún ara rẹ̀ pọ̀ ni. Níbòmíràn nínú ara, bí ọ́síjìn bá dín kù, iṣan á là sí i. Ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń ṣe òdì: ibi tí ọ́síjìn ò bá sí, ó ń ti ọ̀nà ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibòmíràn. Bí ọlọ́pàá ojú pópó ṣe ń darí ọkọ̀ kúrò níbi tí omi bò ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ìṣirò wa. Bí ara bá dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí páàkì olómi kù láti 50 sí 20 nínú 100, 80 á gbé 98, 20 á gbé 75, àpapọ̀ rẹ̀ á dé bíi 93. Omi ò gbẹ, àìsàn ò kúrò, òǹkà sì ti gbéra. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òtútù àyà ò fi dé 85 rárá. Ṣùgbọ́n iná àìsàn náà lè sọ iṣan di aláìgbọ́ràn, kó má fún pọ̀ mọ́ bó ṣe yẹ.

Oògùn náà lè tú u. Ẹni tó ti gbé ọmọ tí ásímà mú lọ fún nẹ́búláísà lè ti rí èyí: wọ́n fa Fẹ́ńtólìn sí i, èémí ń rọ ọmọ lọ́rùn, òǹkà sì já wálẹ̀ ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta fún ìgbà díẹ̀. Ìyá a figbe ta. Oògùn yẹn ń la ọ̀nà afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ara ti tì, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ya sí ibi tí afẹ́fẹ́ ò tíì dé dáadáa. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá ti là tán, òǹkà á padà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń fi ọ́síjìn fẹ́ oògùn náà fún ẹni tí ásímà rẹ̀ le.

Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ní ara òun ò burú. Ṣé irọ́ ni 85 ni?

Nínú ohùn àkọ́kọ́, obìnrin náà sọ pé bàbá òun ń béèrè àmàlà. Ìyẹn ò tako òǹkà náà. Ohun tó máa ń mú kí àyà há èèyàn jù, tí a fi máa ń jà fún èémí, ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ara ń tú jáde, kábọ́ọ̀nì-dáyọ́sáìdì. Ọ̀rọ̀ ìjókòó kọ́ ni ti ìyẹn. Bí ẹ̀dọ̀fóró tó dára bá ń mí kíákíá, ó lè gbá ti ara rẹ̀ dànù, kó sì gbá ti èkejì mọ́ ọn. Nítorí náà, ọ́síjìn lè wà nílẹ̀ pátápátá kí kábọ́ọ̀nì-dáyọ́sáìdì má yàtọ̀, kódà kó kéré. Ẹni náà á máa mí yára, á sì máa béèrè oúnjẹ. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́, tí mímí yẹn dẹwọ́, ni ọ́síjìn á já wálẹ̀ sí i, tí kábọ́ọ̀nì-dáyọ́sáìdì á sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìka lásán ò ní fi ìyẹn hàn wá. Kíka iye ìgbà tó ń mí ní ìṣẹ́jú kan ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Kí ni nọ́ọ̀sì alẹ́ ṣe?

Ó yí i síbi tí ẹ̀dọ̀fóró tó dára wà. Ẹ̀jẹ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ. Nígbà tí bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wá sí páàkì olómi. Nígbà tí wọ́n yí i sí òsì, ẹ̀dọ̀fóró tó gbẹ bọ́ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e lọ. Kò sí oògùn, kò sí ọ́síjìn tuntun, ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń gbà ló yí padà.

Bí àwọn àpò bá ti pa dé nínú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ kan ò ní ràn án. Nígbà náà ni wọ́n máa ń lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọlé kí àwọn àpò tó pa dé lè là, tàbí kí wọ́n dá aláìsàn dojú bolẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pàápàá ní ilẹ̀ Faransé, tó jáde ní 2013, wo àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́ gan-an tí ẹ̀rọ ń mí fún: láàárín ọjọ́ 28, bíi 33 nínú 100 ló kú lára àwọn tí wọ́n dá dẹ̀yìn bolẹ̀, 16 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n ń dá dojú bolẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó ṣì ń mí fúnra rẹ̀ tó sì lajú sílẹ̀, àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí bí àǹfààní rẹ̀ ti pọ̀ tó àti bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Àwọn tó ti ń kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé kí gbogbo ẹni tó ń wúkọ́ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ mú. Òsì bá bàbá yẹn mu nítorí pé ọ̀tún ló bàjẹ́. Àwòrán àyà tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́yà dókítà ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọyún wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n ń fi í sùn lé, kí ìdọ̀tí má baà ṣàn wọ inú èyí tó dára. Ọmọ jòjòló náà yàtọ̀: egungun àyà rẹ̀ rọ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ tó bá fi lélẹ̀ kì í gba afẹ́fẹ́ dáadáa, òkè ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó dára máa ń ṣiṣẹ́ sí jù.